Ẹ̀jẹ̀ Mi Dà Nínú Lẹ́tà Yìí?

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Ìbàdàn, tọ́rọ́ ni a ń ra sítáǹbù kan, sítáǹbù náà a sì gbé lẹ́tà dé Kánò láìbá ẹnikẹ́ni ṣe àríyànjiyàn. Sísì ni àwọn akọ̀wé tó máa ń jókòó níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀ ń gbà láti kọ lẹ́tà ojú ìwé kan fún ẹni tí kò mọ̀wé. Bí onítọ̀hún bá fi kọ́bọ̀ kan lé e, wọ́n á bá a wá gẹ̀ẹ́sì tó le díẹ̀ sí i, irú èyí tí ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí kò ní lóye, tí yóò sì bẹ̀rù. Ní Toronto lónìí, sítáǹbù kan ṣoṣo ti ju dọ́là kan lọ. Ife tíì tí mò ń mu ní Malton, àdúgbò wa nítòsí pápákọ̀ òfurufú, tí kì í ṣe nǹkan mìíràn ju omi gbígbóná àti ewé inú àpò lọ, owó rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí mo fi ń jẹun lọ́sẹ̀ kan nígbà tí mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ akọ̀wé lẹ́tà nìkan ni kò gbówó lórí mọ́. Ọ̀fẹ́ ni àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì bá ìyàwó mi kọ lẹ́tà sí dókítà rẹ̀, ẹni tó bá sì ka lẹ́tà náà yóò mọ̀ pé ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ewé ń já bọ́ lára igi. Ìyàwó mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta nígbà náà. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró láti bí ọdún mẹ́tàlá, a sì ti gbàgbé pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láyé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ abẹ́ rẹ̀. Kò sọ fún mi. Ó fọ aṣọ náà, ó lọ sí ilé ìjọsìn, ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìgbà tí Kérésìmesì kọjá, tí ẹ̀jẹ̀ náà wá tó ohun tí kò ṣeé fọ̀ mọ́ láìjẹ́ pé mo rí i, ló tó sọ fún mi.

"Ṣé o ti sọ fún dókítà?" ni mo bi í.

"Mo lọ bá a lóṣù tó kọjá. Ṣebí ìwọ náà wà níbẹ̀?"

Lóòótọ́ ni mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá dókítà lọ́jọ́ náà, mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì bá ọmọ Yorùbá lọ sí ilé ìwòsàn lókè òkun.

Ọkùnrin ni dókítà wa, ó kéré lọ́jọ́ orí sí àbígbẹ̀yìn wa, ó sì níwà. Lára ògiri yàrá ìdúró rẹ̀, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ọn pé ìṣòro kan ṣoṣo ni kí aláìsàn gbé wá ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé àkókò kò sí. Dókítà wọlé, ó ní, "Mama, báwo ni nǹkan?"

Kí ni ọmọ Yorùbá ń dá lóhùn bí wọ́n bá bi í pé báwo ni nǹkan? Bí ilé bá ń jó lẹ́yìn rẹ̀, ohun kan náà ni yóò wí.

"A dúpẹ́, dókítà. Dáadáa ni. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn òbí yín, ṣé ara wọ́n le?"

Dókítà ti ń fi ìka tẹ "dáadáa ni" sínú kọ̀ǹpútà. Ó dáwọ́ dúró. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè àwọn òbí rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ó ní bàbá òun ń palẹ̀mọ́ láti ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún. Ìyàwó mi káàánú rẹ̀. Dókítà ní ìyá òun ni kò gbà kí bàbá náà máa fi ọ̀pá rìn, pé ojú ń tì í. Ìyàwó mi gbà á ní ìmọ̀ràn lórí ìyẹn. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó ga díẹ̀, ìyẹn ni ìṣòro kan tí ìwé ara ògiri fàyè gbà. Àkókò pé. Dókítà dìde, ó bọ̀ wá lọ́wọ́, inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí a fi dé ìdí ọkọ̀, a ti mọ gbogbo ohun tó ń ṣe orúnkún bàbá dókítà. Dókítà kò mọ nǹkan kan nípa ohun tó ń ṣe ìyá àwọn ọmọ mi.

Ní oṣù kejì ọdún a tún padà lọ, pẹ̀lú ìpinnu. Iṣẹ́ abẹ orúnkún náà ti yọrí sí rere. Ṣé a ó wọ yàrá ẹni tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ọsibítù ká máa bi í léèrè tiwa ni? Ó fi fọ́tò bàbá náà hàn wá nínú fóònù, ó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí ìyàwó mi la ẹnu láti sọ tirẹ̀, ẹni tó kàn ti ń kan ìlẹ̀kùn.

Bí a ṣe ń jáde ni obìnrin tó ń gba èèyàn sílé ní tábìlì ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ wo ojú ìyàwó mi. Ọmọ Jamaica ni, òun náà ti dàgbà díẹ̀, ojú rẹ̀ kì í fo nǹkan.

"Mama, kì í ṣe ohun tí ẹ tìtorí rẹ̀ wá lẹ sọ nínú lọ́hùn-ún."

Ìyàwó mi tẹ̀ síwájú, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Mo rí i tí ojú obìnrin náà yí padà.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti ń tó oṣù mẹ́fà."

"Ẹ kò sì sọ fún un?"

"Ó ń sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ni."

Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń rín. Ó wá ṣí ìwé àkókò, ó wá ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ fún wa. Ó ní, "Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe pọ̀ tó, bó ṣe ń wá tó ń lọ, oògùn tí ẹ ń lò, àti ohun tí ẹ fẹ́ bi í. Èmi fúnra mi ni màá fi lé e lọ́wọ́ kó tó wọlé bá yín. Bí ó bá sì pọ̀ jù kí ó tó di ọjọ́ yẹn, tí páàdì kan bá ń rin gbingbin láàárín wákàtí kan, tàbí tí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ má dúró dè wá, ilé ìtọ́jú pàjáwìrì ni kí ẹ gbà lọ." A ti fẹ́ máa lọ nígbà tó tún pè wá padà. "Mama, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má kí i."

Olùkọ́ ni ìyàwó mi nílé kí a tó sá fún àwọn ológun, ó sì tún tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké fún ọdún púpọ̀ níbí. Kò pẹ́ kó tó kọ lẹ́tà rẹ̀. Ó jókòó sí tábìlì ìdáná, ó kọ ọ́ ní gẹ̀ẹ́sì, ojú ìwé kan àti ààbọ̀, ó sì ní kí n bá òun tẹ̀ ẹ́ kó lè ṣeé kà. Bí mo ṣe rántí rẹ̀ ni mo fi ń sọ ọ́ ní Yorùbá yìí:

"Dókítà, ẹ̀jẹ̀ ń dà lójú ara mi láti bí oṣù mẹ́fà. Nǹkan oṣù mi ti tán láti ìgbà tí mo ti pé àádọ́ta ọdún. Àkọ́kọ́ jẹ́ díẹ̀, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹran, ọjọ́ méjì ló fi wá. Oṣù tó tẹ̀ lé e kò wá rárá, mo sì rò pé ó ti tán. Lẹ́yìn Kérésìmesì ó dé, ó tó kí n lo páàdì, ó lò tó ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà náà kò ní àkókò. Ó lè wá lẹ́ẹ̀mejì lóṣù kan, ó lè dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà mìíràn ó máa ń dì, á dúdú bí ẹ̀dọ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí, ìsàlẹ̀ inú kàn máa ń fà mí. N kò rù. Mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ tí ẹ fún mi. Àbúrò mi fi àgúnmu kan ránṣẹ́ láti ilé, mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ̀jẹ̀ náà lè dúró, kò dúró, mo sì ti pa á tì.

"Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Níbo ni ẹ̀jẹ̀ yìí ti ń wá? Ṣé oògùn ló fà á? Ṣé jẹjẹrẹ ni? Bí ó bá jẹ́ pé òun ni, ẹ má fi pamọ́ fún mi, ẹ má sì sọ ọ́ fún ọkọ mi ṣáájú mi. Àyẹ̀wò wo lẹ máa ṣe, ṣé ó máa ń dunni, ṣé obìnrin lè ṣe é fún mi? Bí wọ́n bá ní kí wọ́n yọ ilé ọmọ mi, kí ni yóò ṣẹ́kù? Ìkẹyìn, ṣé èmi àti ọkọ mi ṣì lè máa sùn pọ̀, àbí ìyẹn ló ń fà á?"

Ọjọ́ Sátidé ni mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì dé. Láti ìgbà tí a ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n ti máa ń wá lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀kan ni a ń pè ní Lọ́yà, nítorí pé ó ka òfin ní Ìbàdàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò wọ aṣọ ilé ẹjọ́ lẹ́ẹ̀kan rí ní Canada. Ìwé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń bá wọn kọ jẹun. Èkejì ni Ẹnjiníà, tó ti Bowmanville máa ń wa ọkọ̀ wá bí yìnyín bá tilẹ̀ ń já. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ iná mànàmáná tó wà níbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì gba nǹkan kan gbọ́ tí kò bá ní nọ́ńbà.

Lọ́yà ti ń kà á lórí èjìká mi kí ó tó bọ́ kóòtù òtútù rẹ̀.

"Kí ni mo ń rí yìí?"

"Lẹ́tà ìyàwó mi sí dókítà ni. Má kà á."

"Mo ti kà á. Ẹnjiníà, wá wo nǹkan. Gbólóhùn kìíní nínú lẹ́tà, ẹ̀jẹ̀! Kò kí i, kò bi í ṣé ó jí ire, ẹ̀jẹ̀ ló fi ṣílẹ̀kùn."

Ẹnjiníà fi awò sójú, ó kà á dé ìsàlẹ̀. Ó yọ awò náà. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ."

"Kí ló dé?"

"Ìbéèrè ìkẹyìn yìí. Ìwọ tí ò ń fi ọwọ́ di apá àga mú kí o tó lè dìde!"

"Ẹ jẹ́ kí n tẹ lẹ́tà mi."

"Ẹ̀rù orúnkún bàbá dókítà ló ń bà mí tẹ́lẹ̀," ni Lọ́yà wí, "tìrẹ ló wá ń bà mí báyìí."

Lẹ́yìn tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, Lọ́yà fa àga mọ́ra, ojú rẹ̀ sì le. Ó ní a kì í jẹ́ kí obìnrin ilé wa kọ irú èyí sí ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Ẹnjiníà ní dókítà ni.

"Dókítà kì í ṣe ọkùnrin?"

"Dókítà a máa wo ẹ̀jẹ̀."

"Kó máa wò ó, kí ó má kà á. Ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ kì í kú. Wọ́n á gbé lẹ́tà yìí sínú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn ogún ọdún ọmọdé kan á ṣí i, á ní ìyá báyìí, ìyàwó ọ̀mọ̀wé báyìí."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí tún lẹ́tà náà ṣe. Lọ́yà ń pè é, èmi ń tẹ̀ ẹ́ nítorí pé ọwọ́ mi ló wà lórí kọ̀ǹpútà. N kò lè sọ pé gẹ̀ẹ́sì náà kò dára. Ó mú mi rántí àwọn lẹ́tà tí a máa ń kọ sí ọ̀gá gbọ̀ngàn tí à ń gbé ní yunifásítì láti tọrọ ẹran kan sí i nínú ọbẹ̀, lẹ́tà tó máa ń lọ yí ayé po kó tó dé orí ẹran. Ó kí dókítà, ó kí ìdílé rẹ̀, ó kí i kú òtútù, ó yìn ín fún iṣẹ́ takuntakun tó ń ṣe fún àwọn àlejò orílẹ̀-èdè yìí. Ní ìparí ìpínrọ̀ kẹta ló tó kan ìyàwó mi, pé fún ìgbà díẹ̀ báyìí, ó ti ń kíyè sí àìgbádùn kan tó ń wá tó ń lọ, ní agbègbè kan tí ìwà ọmọlúàbí kò jẹ́ kó dárúkọ.

Ẹnjiníà kò fara mọ́ ọn. Ó ní ohun tó kù ni àwòrán, kí a fa ìlà kan lọ sókè fún bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe pọ̀ tó, kí a fa èkejì sí ẹ̀gbẹ́ fún àwọn oṣù, kí dókítà lè fi ojú rí i. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó mi lè máa wọn ún nínú ife. Lọ́yà ní òun kò lè jókòó sínú ilé tí wọ́n ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n jà lórí ìyẹn títí, wọ́n wá gbà pé kò ní sí àwòrán, Ẹnjiníà sì gbà kí a fi ọ̀rọ̀ kan, "níwọ̀ntúnwọ̀nsì," kún lẹ́tà náà dípò rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni ìyàwó mi gbé mọ́ínmọ́ín wọlé. Ó rí bí a ṣe tò yí kọ̀ǹpútà ká.

"Kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ìyàwó wa," ni Lọ́yà wí, "a ń bá ẹ tún lẹ́tà ẹ ṣe. O máa fẹ́ràn ẹ̀."

"Ẹ kà á kí n gbọ́, Bọ̀dá Lọ́yà."

Lọ́yà dìde. Ó fa ìwé náà yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó gbé e jìnnà sí ojú, ó kà á bí ẹni pé adájọ́ mẹ́ta jókòó níwájú rẹ̀. Ìyàwó mi dúró pẹ̀lú àwo lọ́wọ́ títí ó fi parí. Bàlúù kan kọjá lórí ilé bó ti máa ń kọjá ní Malton, Lọ́yà sì dúró dè é kó lọ tán kí ó tó ka ìkíni ìkẹyìn.

"Ẹ̀jẹ̀ mi dà nínú lẹ́tà yìí?"

"Ó wà níbẹ̀. 'Àìgbádùn kan tó ń wá tó ń lọ.'"

"Ìyẹn lè jẹ́ ọ̀fìnkìn. Ìbéèrè mi dà?"

"A pa gbogbo wọn pọ̀ di ẹyọ kan: 'Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìmọ̀ràn yín?'"

"Kò ní mọ ohun tí òun ń gbani nímọ̀ràn lé lórí."

"Yóò bi ẹ́ léèrè nígbà tó bá rí ẹ."

"Yóò bi mí pé báwo ni nǹkan, Bọ̀dá Lọ́yà. Ẹ sì mọ ohun tí màá sọ."

Ó gbé àwo sílẹ̀, ó gba ìwé náà, ó wá bírò pupa rẹ̀ jáde láti inú dúrọ́ọ̀, ó fa ìlà gba ìpínrọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ kọjá. Ó kọ "kò dáhùn ìbéèrè" sí ẹ̀gbẹ́, ó sì fún wọn ní méjì nínú mẹ́wàá. Ẹnjiníà bi í bóyá méjì náà wà fún "níwọ̀ntúnwọ̀nsì." Ó ní rárá, ìtẹ̀wé ọkọ òun ló ni ín.

A rẹ́rìn-ín, òun kò rín. Ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe báyìí," ló wí. "Èyí tó kú nílé. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí wa ní ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Mo fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n ra èso fún un. Èso! Lẹ́tà kejì ní ó ń ṣe ojojo. Nígbà tí ẹnì kan wá tẹ̀ mí láago, tó pe ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀, wọ́n ti ń wá pósí. Gbogbo wọn ló kàwé. Kò sẹ́ni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún un ni."

Lọ́yà wo ìwé tó wà lọ́wọ́ ìyàwó mi. Ẹnjiníà yíjú sí mi.

"Tẹ tirẹ̀ bó ṣe wà," ló sọ fún mi.

Mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo dé ìbéèrè ìkẹyìn, Lọ́yà bẹ ìyàwó mi, pé ìkíni kan, ẹyọ kan péré, kí wọ́n má baà sọ pé kò sí àgbàlagbà nílé wa. Wọ́n dúnàádúrà. Ó gbà fún un ní "Mo kí yín" ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn tí dókítà bá ti ka ẹ̀jẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí wọ́n pè é, mo dìde pẹ̀lú rẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe.

"Jókòó síbí," ló wí. "Bí ìwọ bá wọlé, àwa mẹ́ta á tún máa kí ara wa."

Mo jókòó sábẹ́ ìwé tó ní ìṣòro kan ṣoṣo, mo ń wo ẹja kékeré tó ń yí po nínú dígí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá, ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Dókítà wọlé pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́, ó ń kà á lórí ìdúró, ó sì wá jókòó láàárín ìpínrọ̀ kejì.

"Mama, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ wá síbí láàárín oṣù mẹ́fà yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀ẹ̀mejèèjì lẹ sọ pé dáadáa ni."

"Ẹ bi mí pé báwo ni nǹkan. Ẹ kò bi mí ṣé ẹ̀jẹ̀ ń dà."

Ó ní dókítà náà bẹ òun. Ó ní obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti tán, bó bá ṣe ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo ló rí, ó yẹ kí wọ́n wò ó, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dúró dè kó lọ. Ó mú bírò, ó sì ń dá àwọn ìbéèrè náà lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá ni òun fẹ́ mọ̀, ó lè jẹ́ pé awọ inú ilé ọmọ ló ti fẹ́lẹ́, ó lè jẹ́ èso ẹran kékeré kan tó hù síbẹ̀, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ti ọ̀pọ̀ obìnrin kì í jẹ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n òun kò lè fi ojú lásán mọ̀ ọ́n. Oògùn tí òun fún un kọ́ ló fà á. Ti àgúnmu, òun kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kí ó má tún lò ó mọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, obìnrin tó ń gba èèyàn sílé sì wá dúró tì í. Ó kọ̀wé pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ilé ọmọ rẹ̀, ó kọ òmíràn sí dókítà àwọn obìnrin pé kí wọ́n má fi falẹ̀. Ó ní dókítà yẹn yóò fi ọ̀pá róbà tín-ínrín kan mú díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ, kò ní pẹ́, inú yóò máa run ún bí ìgbà nǹkan oṣù, kí ó lo oògùn ìrora kó tó kúrò nílé. Obìnrin ni yóò ṣe é bí wọ́n bá tètè rí obìnrin.

"Bí wọn kò bá sì rí?" ni dókítà bi í.

"Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ ṣe é," ni ìyàwó mi dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ Sátidé, Lọ́yà kò tíì jókòó tó fi bèèrè. "Ìbéèrè ìkẹyìn ńkọ́? Ṣé ó dáhùn?"

"Ó dáhùn," ni ìyàwó mi wí.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ọ̀rọ̀ àárín dókítà àti aláìsàn ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka òfin ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀."

Àwòrán náà fi hàn pé awọ inú ilé ọmọ ti nípọn ju bó ti yẹ lọ. Wọ́n mú lára rẹ̀. Ó ní ó dun òun, ṣùgbọ́n kò pẹ́, pé ìrora bíbí ọmọ wa àkọ́bí kò jẹ́ kí òun lè pe ìyẹn ní ìrora. Lẹ́yìn náà ni ìdúró bẹ̀rẹ̀. N kò ní sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ẹnì kan nínú ilé ń fọ abọ́ tó ti mọ́, ẹnì kejì ń ka ìwé ìròyìn láìṣí ojú ewé. Bí fóònù bá dún, àwa méjèèjì a sáré, ẹni tó fẹ́ ta fèrèsé fún wa ló sì máa ń jẹ́.

Dókítà fúnra rẹ̀ ló pè. Ó bi mí bóyá ìyàwó mi wà nílé. Mo ní kí ó sọ fún mi. Ó ní lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ òun sọ pé òun kò gbọ́dọ̀ sọ fún mi ṣáájú rẹ̀. Mo gbé fóònù fún un, mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni," "ó yé mi," "ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi." Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Jẹjẹrẹ ni. Ó jọ pé ṣẹ̀ṣẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀, kò tíì jáde kúrò nínú ilé ọmọ. Wọ́n máa yọ ọ́." Ó wọ ìdáná lọ, ó gbé omi kaná. N kò mọ ohun tó fẹ́ fi omi náà ṣe, òun náà kò sì mọ̀, nítorí ó hó títí ó fi gbẹ.

Ọmọ wa obìnrin tó ń gbé ní Oakville sunkún lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ ń bá a sọ Yorùbá, òun ń dáhùn ní gẹ̀ẹ́sì, pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún òun, pé òun máa ń bi wọ́n léèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lóòótọ́ ló máa ń bi wá. Ó máa ń bi wá pé báwo ni nǹkan.

Kí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó dé ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ihò kéékèèké bíi mélòó kan ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n yọ ilé ọmọ àti ilé ẹyin, ó sì padà sílé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí wọ́n yẹ ohun tí wọ́n yọ wò tán, wọ́n ní kò nílò ìtọ́jú mìíràn, àfi kí ó máa lọ fún àyẹ̀wò. Ẹnjiníà ya àwòrán àwọn ọjọ́ àyẹ̀wò náà fún un, ó ní ìlà méjì. Ìyàwó mi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fìríìjì nítorí àánú. Lọ́yà wá kí i pẹ̀lú òdòdó àti káàdì, nínú káàdì náà ó kọ ojú ìwé méjì tí kò dárúkọ ohun tó ṣe é. Bí ìyàwó mi ṣe ń kà á ló ń rẹ́rìn-ín, tó ń di inú mú nítorí ojú egbò, tó ń bẹ Lọ́yà pé kí ó má pa òun.

Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ilé ìjọsìn ti ń wá sí tábìlì ìdáná wa. Wọ́n á ní àwọn kàn ní kí àwọn kí i. Yóò bu tíì fún wọn, yóò ní, "Mo ti gbọ́ ìkíni. Nígbà wo ló bẹ̀rẹ̀?" Bí wọ́n bá kọ "àìgbádùn" sílẹ̀, yóò gba bírò pupa.

Lọ́yà ti lọ. Ẹ̀gbà ló kọlù ú ní ìgbà òtútù tó kọjá, èmi ni mo kọ ìwé ìkéde ikú rẹ̀, mo sì fi ìkíni tó pọ̀ sí i nítorí rẹ̀. Ẹnjiníà wà láàyè ní Bowmanville, etí rẹ̀ ti ń di, wọn kò jẹ́ kí ó wa ọkọ̀ mọ́. Nínú àwa mẹ́jọ tí a jọ gbé ẹ̀gbẹ́ kan ní gbọ̀ngàn wa ní Ìbàdàn, àwa mẹ́ta ló kù, ẹni kẹta wà ní Ìlọrin, kò sì mọ ẹni tí àwa jẹ́ mọ́. Bàbá dókítà ti kú, ìyá rẹ̀ wà. Obìnrin tó ń gba èèyàn sílé ti padà sí Jamaica, ó wà láàyè, ó ń gbin ata. Nínú àwọn obìnrin mẹ́ta tó kọ́kọ́ wá sí tábìlì wa, méjì wà láàyè. Ẹ̀kẹta kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní òun máa kọ tòun lẹ́yìn ìgbéyàwó ọmọ òun, kò sì kọ ọ́. Ìyàwó mi wà láàyè.